Àsáró Inú Fìlà: Ohun tí Pátákó Ìtàn Ń Dán Wò àti Ohun tí Aago Ń Dán Wò

[Ìlù díẹ̀. Ìlù rọlẹ̀.]

  

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ṣe ohun kan tí ọ̀gá kankan ní ilé iṣẹ́ rédíò kì í fẹ́ kí ènìyàn ṣe. Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan rédíò yín.

[Ìdákẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 4]

Mo ti dé padà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹnìkan ti nawọ́ sí rédíò rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti ń bèèrè bóyá wọ́n ti mú iná lọ. Tí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ni ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ìlà kan ṣoṣo ni ìdákẹ́jẹ́ náà, ojú yín yóò sì fò ó kọjá. Ìwé lè sọ fún yín pé mo dákẹ́. Kò lè jẹ́ kí ẹ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe gùn tó lára.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Láti ìgbà tí Iwájú, fíìmù kátúùnù alápá mẹ́fà tí Kugali àti Disney jọ ṣe nípa Èkó, ti jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe kátúùnù kò níye. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí: wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ya àwòrán tó dán, tó ní àwọ̀. Ìpele méjì ló ṣáájú èyí. Àkọ́kọ́ ni sítọ́rìbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ìtàn. Èkejì ni animátíìkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé animátíìkì kàn jẹ́ pátákó ìtàn tí wọ́n gbé sínú fídíò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹni tó bá sì lọ béèrè ti ọ̀kan lọ́wọ́ èkejì yóò gba ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi ń dán nǹkan wò kí ọwọ́ tó kan àwòrán gidi. Nínú fíìmù, férémù 24 ló ń kọjá lójú wa nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ya kátúùnù sábà máa ń lo àwòrán kan fún férémù méjì, nítorí náà àwòrán 12 ni ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ. Ní yàrá wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí ọjà Bódìjà, fíìmù tí a ń ṣe jẹ́ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 90. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: àwòrán 1,080 ni, fún ẹ̀dá kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin tó ń yàwòrán fún wa, tí iná bá wà, tí ara rẹ̀ sì dá, ogún àwòrán tó mọ́ ló lè parí lóòjọ́. Ọjọ́ 54 nìyẹn. Tí a bá wá rí i ní ọjọ́ karùndínláàádọ́ta pé ibì kan nínú ìtàn kò dùn, ta ni yóò sọ fún un?

Ìtàn tí a yàn kì í ṣe àjèjì sí yín. Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó bá ìyá ìyàwó rẹ̀ nídìí àsáró. Ìyá náà jáde díẹ̀, ojú Ìjàpá wọ ìkòkò, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà rẹ̀, ó sì dé e. Ó fẹ́ tètè máa lọ, ṣùgbọ́n àna kì í jẹ́ kí àna lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń ránṣẹ́ sílé, wọ́n ń sìn ín sọ́nà. Àsáró ń jó o lórí. Nígbà tí fìlà yóò fi ṣí, irun ti bá a lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orí Ìjàpá fi pá títí dòní.

A ya ìtàn yìí sórí pátákó ní pánẹ́ẹ̀lì 36. Pánẹ́ẹ̀lì ni àpótí kékeré tí a fà sórí ìwé, tí ìbú àti gíga rẹ̀ bá ojú tẹlifíṣọ̀n mu: tí ìbú bá jẹ́ 16, gíga á jẹ́ 9. Lẹ́ẹ̀dì nìkan la lò. Orí Ìjàpá jẹ́ róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìlàjì igbá, ọfà kékeré sì ń tọ́ka sí ibi tó ń rìn lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún la fi ń ya ọ̀kan, kò sì dun ẹnikẹ́ni láti fa èyí tí kò dára ya. Gbogbo wọn la lẹ̀ mọ́ ògiri, láti ojú fèrèsé títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè wo ni a wá fi pátákó náà béèrè? Ìbéèrè ojú ni. Ṣé ẹni tó ń wò ó rí ohun tó yẹ kó rí? Ṣé ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tí onítọ̀hún dúró sí, ibi tó dojú kọ, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀nà tí a fi ń dán èyí wò kò ju kí a pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kí a pa ẹnu wa mọ́, kí a ní kó máa sọ ohun tó rí fún wa. Ẹni tí a pè ni màmá kan tó ń ta èlùbọ́ nísàlẹ̀ ilé wa. Màmá gùn òkè wá, ìyẹ̀fun èlùbọ́ ṣì wà lápá wọn, wọ́n na ìka sí ògiri, wọ́n ń bọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn. A kò sọ fún wọn pé ìtàn Ìjàpá ni. Wọ́n mọ ìyẹn fúnra wọn.

Nígbà tí wọ́n dé pánẹ́ẹ̀lì keje, wọ́n ní, "Ó ti dé fìlà rẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ." Wọ́n sì kọjá. Ayàwòrán wa wò mí, èmi náà wò ó. Àsáró tó wà nínú fìlà ni gbogbo ìtàn náà, Màmá kò sì rí i! Nígbà tí a wo pánẹ́ẹ̀lì náà dáadáa, a rí ohun tó fà á. Gbogbo ilé ìdáná ló wà nínú àpótí kan: ìkòkò, ààrò, igi ìdáná, ilẹ̀kùn, agbọ̀n, Ìjàpá láàárín wọn, fìlà rẹ̀ kò sì tóbi ju èékánná lọ. Àwa tí a mọ ìtàn náà ń rí àsáró tí a kò yà. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju pánẹ́ẹ̀lì kan lọ: a sún mọ́ fìlà náà, a yà á kó kún àpótí, ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, ṣíbí onígi ń da àsáró sínú rẹ̀, ooru sì ń rú.

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n dé pánẹ́ẹ̀lì kọkànlélógún, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Kí ló gbàgbé?" Mo bèèrè pé ta ni, Màmá? Wọ́n ní, "Ìjàpá ni. Ṣé kì í ṣe ilé ni ó tún ń padà sí yìí?"

Ilé kọ́ o. Ó ń sá lọ ni. Ṣùgbọ́n láti pánẹ́ẹ̀lì kẹtàdínlógún ni Ìjàpá ti ń rìn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ilé àna wà lẹ́yìn rẹ̀ ní òsì. Ní pánẹ́ẹ̀lì kọkànlélógún, ayàwòrán wa fẹ́ kí ojú ọ̀nà yàtọ̀ díẹ̀, ó wá gbé kámẹ́rà lọ sí òdìkejì ọ̀nà, Ìjàpá sì wá dojú kọ òsì. Lójú ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà gan-an, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo fíìmù, Ìjàpá ti yí padà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń fa ìlà kan lọ́kàn láàárín àwọn ẹ̀dá inú ìran, kámẹ́rà kò sì gbọdọ̀ fò ó láìnídìí. Tí àṣìṣe yìí bá wọ inú àwòrán gidi, kì í ṣe Ìjàpá nìkan ni a ó tún yà, a ó tún igi, ọ̀nà, òjìji àti ilé yà. Lórí pátákó, ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi tún un ṣe.

Nígbà tí Màmá tún ògiri wò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sọ ìtàn náà tán láìdúró. A dúpẹ́, a ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lọ. Lọ́kàn wa, iṣẹ́ ti parí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró níwájú ògiri, mo sì fi ìtàn náà han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ìdágbére, ibi tí àwọn àna ti ń kí Ìjàpá, mo ṣe bí àna. Mo ní ẹ bá wa kí ilé o, ẹ bá wa kí ìyá àgbà, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ṣé ewúrẹ́ yẹn ti bímọ? Mo ṣe bí Ìjàpá tí orí ń jó, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ lórí ògiri.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe pátákó ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ni. Pánẹ́ẹ̀lì kì í sọ bí ó ti yẹ kí ènìyàn pẹ́ tó lórí rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó ló ń yan iye àkókò tó wù ú. Tí ẹni tó mọ ìtàn sọ bá dúró ti pátákó, ó ń fi ohùn rẹ̀ nà án, ó ń fi èémí rẹ̀ gé e kúrú, ó ń wo ojú àwọn tó jókòó, ó sì ń dúró títí ẹ̀rín yóò fi rọlẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Gbogbo èyí kò sí nínú ìwé tó wà lára ògiri. Nígbà tí fíìmù bá sì dé ilé àwọn tó máa wò ó, apàlọ́ kò ní sí níbẹ̀ láti nà án.

Animátíìkì ló ń lé apàlọ́ kúrò nínú yàrá. Ẹ wo bí a ṣe ṣe tiwa. A fi fóònù ya gbogbo pánẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú fèrèsé ní òwúrọ̀, kí òjìji ọwọ́ má baà bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà a ka ohùn sínú fóònù kan náà: èmi ni Ìjàpá, ayàwòrán wa ni àna. Ẹ ó gbọ́ ariwo àwọn tó ń já iṣu lọ́jà àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn ohùn wa, kò sì sí ohun tó burú ńbẹ̀, nítorí ohùn ìdánwò ni. A kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìgé-fíìmù lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn la kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, àwòrán la wá tò lé e lórí. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gba iye àkókò tirẹ̀: èyí ìṣẹ́jú àáyá méjì, èyí mẹ́rin, èyí ìdajì. Àwòrán kankan kò mira. Wọ́n kàn ń rọ́pò ara wọn bí aago ṣe wí. Nígbà tí ó parí, ìṣẹ́jú àáyá 86 ni gbogbo rẹ̀.

A pe àwọn ènìyàn bíi mẹ́fà láti ilé àwọn aládùúgbò. Òfin mẹ́ta la fi lélẹ̀ fún ara wa. Àkọ́kọ́, a kò ní sọ̀rọ̀ kankan ṣáájú. Èkejì, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lọ láìdúró, kò sí pé ẹ jẹ́ kí n dá a padà díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí ni èmi yóò dúró sí, ara wọn ni n ó máa wò, n kò ní wo fíìmù. Mo mú ìwé dání, tí ẹnikẹ́ni bá mira, mo kọ aago rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi ìdágbére dé. Ó kọjá. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo wo aago: pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta yẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ni wọ́n lò. Àna kí i lẹ́ẹ̀kan, Ìjàpá dáhùn, ó sì ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn òǹwòran mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rò ó fún mi láìṣì: àsáró wà lórí, orí ń jó o, ó fẹ́ lọ. Ojú wọn ti rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì gbóná. Ìjàpá kò jìyà tó.

A padà sídìí kọ̀ǹpútà. A kò fi àwòrán tuntun kún un, àfi òógùn kan ṣoṣo tí a kán sí ìpéǹpéjú Ìjàpá. A fi ìkíni kún ohùn, a sì na àwọn pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta náà. A kọ́kọ́ nà án dé ìṣẹ́jú àáyá 22. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní bíi ìkẹsàn-án, ìgbà tí àna dágbére tán tó tún yíjú padà pé, "Ẹ ò tiẹ̀ sọ ti ewúrẹ́ yẹn fún wa." Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ìkejìdínlógún, ẹnìkan ti ń wo fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn ń tún aṣọ ṣe. Ìyà Ìjàpá ti di ìyà àwọn òǹwòran. A gé e sí 15, ẹ̀rín náà sì gbé wọn dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń dágbére lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 15 kò tó nǹkan kan nínú ayé gidi. Nínú fíìmù ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìdá mẹ́fà gbogbo rẹ̀ ni.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án la fi kún un, gbogbo rẹ̀ wá di 95. Ó yẹ kí a gé níbòmíràn. Mo gbé ìwé tí mo kọ aago sí jáde. Orí àwọn òǹwòran ti ń yí sọ́tùn-ún sósì ní ìbẹ̀rẹ̀, láàárín 00:08 sí 00:16, níbi tí Ìjàpá ti ń gbóòórùn àsáró káàkiri ilé ìdáná. Ibẹ̀ sì ni pánẹ́ẹ̀lì tó rẹwà jù lọ lórí ògiri wa wà: ooru àsáró tó ń tà bí òkùn, imú Ìjàpá tó ń tẹ̀lé e. Ayàwòrán wa fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ìṣẹ́jú àáyá 17 ni ìbẹ̀rẹ̀ náà ń lò. A gé e sí mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ la rí gbà padà. Àwòrán 96 nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò ní yà mọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó kù la fi sí ìparí, kí ojú lè sinmi díẹ̀ lórí orí pípá náà kí fíìmù tó tán. Àádọ́rùn-ún gééré.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí irú èyí. Ní ilé iṣẹ́ Walt Disney ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n ti ń lẹ àwòrán ìtàn mọ́ pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Webb Smith ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi kámẹ́rà ya àwọn àwòrán náà, wọ́n ń so wọ́n mọ́ ohùn, wọ́n sì ń pè é ní Leica reel. Bàbá animátíìkì òde òní nìyẹn. Síbẹ̀, nínú Snow White and the Seven Dwarfs tó jáde ní ìparí ọdún 1937, ìran kan wà tí àwọn aràrá méje ti ń mu ọbẹ̀ olómi. Ward Kimball ya ìran náà tán pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ó mira, ó pani lẹ́rìn-ín, kí Walt Disney tó yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe pé àwòrán náà kò dára. Nígbà tí wọ́n fi ìran náà sáàárín àwọn tó kù, ó dá ìtàn dúró, ibi tí ìtàn ń lọ kò sì lè dúró de ọbẹ̀. Tí ẹ bá wo àwòrán rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ kò lè rí àléébù yẹn láéláé. Inú àkókò ló fara pamọ́ sí.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí mo ṣe, nítorí òun ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ní ojú ọ̀nà, Ìjàpá bojú wẹ̀yìn, ó sì rí i pé àna ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni pánẹ́ẹ̀lì náà ń lò nínú animátíìkì. Gbogbo ìgbà tó bá dé ibẹ̀, àwọn òǹwòran máa ń tẹjú mọ́ ọn, iwájú orí wọn a kájọ. Mo ní ó ti yá jù. Mo nà án sí mẹ́rin. Ó sàn díẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ìtàn náà wá wúwo níbẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Lẹ́yìn náà ni mo tó yọ pánẹ́ẹ̀lì náà sọ́tọ̀, mo fi han ẹni tí kò rí fíìmù náà rí. Mo ní, "Ènìyàn mélòó lo rí?" Ó ní, "Ìjàpá nìkan ni. Àti igi kan."

Igi kọ́, àna ni. Ayàwòrán wa ti gbé àna dúró gan-an níwájú igi, ọ̀já orí rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀ka. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mo fi kún un, mo kàn fún àwọn òǹwòran láyè láti wá àna nínú igi ni. A ti àna sápá kan, ojú ọ̀run wá wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Mo dá aago padà sí méjì, ó sì tó. Àìsàn ojú ni mo ti ń fún ní oògùn àkókò.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó ń ṣe òun? Lẹ́yìn tí animátíìkì bá tán, ẹ bi òǹwòran pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá lè sọ, tàbí tí ó sọ ohun mìíràn, ẹ má fọwọ́ kan aago. Ẹ padà sídìí pátákó, ẹ tún àwòrán yà. Tí ó bá sọ ọ́ láìṣì, ṣùgbọ́n tí kò rẹ́rìn-ín tàbí tí ó ti ń wo fóònù, ẹ fi pátákó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Iye àkókò ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Ohun kan ṣì wà tí méjèèjì kò lè sọ. Ẹsẹ̀ Ìjàpá yóò máa gbọ̀n nígbà tí ooru bá mú un, ìwọ̀n gbígbọ̀n yẹn kò sì sí nínú àwòrán tí kò mira. Ìyẹn la ṣe yọ ibi ìdágbére nìkan, tí ayàwòrán wa fi lẹ́ẹ̀dì ya ìṣẹ́jú àáyá méjì rẹ̀ wúruwùru kó lè mira, kí a tó gbà. Ohùn tiwa náà kì í ṣe ohùn ìkẹyìn. Nígbà tí òṣèré àgbà kan wá ka ti àna fún wa, ohùn wọn rọra ju tiwa lọ, ìkíni kan náà sì gba ìṣẹ́jú àáyá 17 lẹ́nu wọn. A kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yára. A yọ "ẹ bá wa kí ìyá àgbà" kúrò, ó sì padà sí 15. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ohùn gidi wọlé kí a tó ti animátíìkì pa. Ẹnu Ìjàpá àti ti àna, ohùn ni ayàwòrán yóò fi yà á.

Lẹ́yìn tí a tì í pa, ìwé kan ló kù. Ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ní iye férémù tirẹ̀ níbẹ̀. Ti ìdágbére kà báyìí: ìṣẹ́jú àáyá 15, férémù 360, àwòrán 180. Ayàwòrán wa lẹ ìwé náà mọ́ ògiri níbi tí pánẹ́ẹ̀lì kìíní wà tẹ́lẹ̀.

Kí ó tó mú lẹ́ẹ̀dì gidi, mo ní kí a pe Màmá ẹlẹ́lùbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n jókòó lórí àga, a pa fèrèsé dé, a tẹ fíìmù náà, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ìwé mi. Àwòrán lẹ́ẹ̀dì tí kò mira ni wọ́n ń wò, ohùn ló ń bá a lọ. Ìdágbére bẹ̀rẹ̀. Àna kí, Ìjàpá dáhùn. Àna tún kí. Nígbà tí àna yíjú padà nítorí ewúrẹ́, Màmá gbé ọwọ́ sókè láìmọ̀, wọ́n sì fi tẹ gèlè wọn mọ́ orí.

Mo wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá kẹsàn-án ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì sọ fún ayàwòrán wa pé kó bẹ̀rẹ̀.

 

[Ìlù gòkè, ó sì tán.]